Kí ẹ tó fi lẹ́tà ìfẹ̀yìntì sílẹ̀: ohun tí mo kọ́ nídìí fáìlì

Ìlẹ́ṣà ni mo ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìjọba mi, yàrá fáìlì sì ni mo ti ṣe é. Lẹ́tà ìfẹ̀yìntì tó bá wọ ọ́fíìsì wa, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbà á, màá lù ú lóńtẹ̀, màá wá fáìlì ẹni náà jáde, kí gbogbo rẹ̀ tó lọ bá ọ̀gá. Nígbà tó wá kan èmi gan-an, mo ti mọ ohun tó yẹ kí n kọ. Ẹ̀yin tí ọdún yín ti fẹ́ pé ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ń kọ lẹ́tà yìí bí ìdágbére. Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n á ka orúkọ gbogbo ọ̀gá tó ti jẹ lé wọn lórí, síbẹ̀ ẹ ò ní rí ọjọ́ tí iṣẹ́ wọn máa parí níbẹ̀. Ọpẹ́ dára, àmọ́ ẹ jẹ́ ó di ọjọ́ àríyá. Ohun tí ẹni tó ń ka lẹ́tà náà ń wá kò pọ̀: ta ni ẹni yìí, ọjọ́ wo ni iṣẹ́ rẹ̀ parí, ìwé wo ló ń béèrè lọ́wọ́ wa? Bí ọ̀kan bá kù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á dá fáìlì padà, ẹ̀yin náà á sì máa sáré láàárín Ìlẹ́ṣà sí Abẹ́rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló ń fa wàhálà jù. Òfin iṣẹ́ ìjọba sọ pé kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì bó bá pé ọmọ ọgọ́ta ọdún tàbí bó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 35, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì. (Àwọn olùkọ́ ti ní òfin tiwọn láti ọdún 2022, ọmọ ọdún 65 tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ kí olùkọ́ ìpínlẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ bí òun ṣe wà níbẹ̀.) Òfin kan náà sọ pé kí ẹ fún ìjọba ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́ta. Oṣù kìíní nínú mẹ́ta yẹn wà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tó ń fẹ̀yìntì, oṣù méjì tó kù sì wà fún kí ẹ tún ìwé yín ṣe. Nítorí náà, oṣù mẹ́ta yẹn kì í ṣe ìsinmi. Bó bá jẹ́ ìgbà náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́, kò ní tó yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ arábìnrin kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ṣàlàyé. Ìyá Ìbejì là ń pè é. Ọjọ́ 9, oṣù Kọkànlá, ọdún 1967 ni wọ́n bí i. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló gbà á síṣẹ́, nítorí abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Ìlẹ́ṣà wà nígbà náà. Lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 1991 lórí, àmọ́ ọjọ́ 4, oṣù Kẹta ọdún náà ló wọlé síṣẹ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 27, oṣù Kẹjọ, ọdún 1991, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, wọ́n pín òṣìṣẹ́, òun sì bọ́ sọ́dọ̀ Ọ̀ṣun. Fáìlì tuntun ni wọ́n ṣí fún un. Ẹni tó ṣí i kọ ọjọ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ síbi tó yẹ kí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wà.

Ó wá bá mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, oṣù Kẹjọ 2026 ni tèmi, ẹ bá mi wo lẹ́tà tí mo kọ yìí.” Mo ní kó kọ́kọ́ gbé gbogbo ìwé ilé rẹ̀ wá.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ọgọ́ta ọdún rẹ̀ á pé lóṣù Kọkànlá 2027, nítorí náà ọdún iṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ dé. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ wọlé síṣẹ́ la fi ń ka ọdún iṣẹ́, a kì í fi ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà kà á. Láti ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, ọdún 1991, ọdún 35 pé lọ́jọ́ 4, oṣù Kẹta, ọdún 2026. Bó bá jẹ́ ọjọ́ inú fáìlì ló tẹ̀ lé, ì bá fi bí oṣù mẹ́fà ṣiṣẹ́ kọjá àkókò. Ìyẹn kì í ṣe èrè. Owó oṣù tí èèyàn bá gbà lẹ́yìn ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀, gbèsè ìjọba ló jẹ́, wọ́n sì máa yọ ọ́ nínú ẹ̀tọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò. Èyí tó tún burú ni pé ìgbà tó fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́ kò ní sí nínú ìṣirò yẹn rárá.

Ìwé tó gbà á sílẹ̀ ni lẹ́tà ìfìdímúlẹ̀ iṣẹ́. Ọdún méjì ni òṣìṣẹ́ máa ń fi wà lábẹ́ ìdánwò kí wọ́n tó fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀. Tirẹ̀ kà pé ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, ọdún 1993. Ẹ yọ ọdún méjì kúrò níbẹ̀, ẹ ti rí ọjọ́ tó wọlé. Ó tún ní ìwé owó oṣù Kẹrin ọdún 1991 tí orúkọ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lórí rẹ̀. A ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, ó sì kọ lẹ́tà ọ̀tọ̀ pé kí wọ́n tún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òun ṣe nínú àkọsílẹ̀. Ìgbà tí àtúnṣe yẹn dé ló tó kọ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì, ó sì fi í sílẹ̀ kí ọjọ́ 4, oṣù Kejìlá, ọdún 2025 tó pé.

Ẹ má pa lẹ́tà àtúnṣe àti lẹ́tà ìfẹ̀yìntì pọ̀ mọ́ra. Ẹni tó ń tún àkọsílẹ̀ ṣe àti ẹni tó ń ṣe ìfẹ̀yìntì kì í ṣe ẹnì kan náà, bí ẹ bá sì dà wọ́n pọ̀, ọ̀kan á dúró de èkejì.

Orúkọ náà ń fa ìdádúró, àwọn obìnrin ni ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Orúkọ bàbá ni wọ́n fi wọṣẹ́, orúkọ ọkọ ló wà lórí NIN, BVN sì lè ní orúkọ mẹ́ta tí ìkejì ṣíwájú ìkíní. Ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín máa fi gbogbo rẹ̀ wéra. Ẹ tẹ́ wọn sórí tábìlì kan náà, ẹ kà wọ́n lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ lọ búra ní kóòtù, ẹ polówó ìyípadà orúkọ sínú ìwé ìròyìn, ẹ fi ẹ̀rí ìgbéyàwó kún un, kí ẹ sì kọ̀wé sí ọ́fíìsì kí wọ́n fi í sínú fáìlì. Ọjọ́ ìbí ní tirẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti yí i. Èyí tí ẹ fi wọṣẹ́ ni ìjọba mọ̀.

Wàyí o, lẹ́tà náà. Ojú ìwé kan tó. Ẹni tó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ yín lẹ máa kọ ọ́ sí, ẹ ó sì gbé e gba ọwọ́ olórí ẹ̀ka yín, kí ó fọwọ́ sí i pé òun rí i. Ẹni tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló máa parí sí. Ohun tí mo kọ sínú tèmi kò jìnnà sí èyí:

“Mo fi lẹ́tà yìí fún yín ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́ta pé màá fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní [ọjọ́, oṣù, ọdún], nígbà tí ọdún 35 mi máa pé. Wọ́n bí mi ní [ọjọ́]. Mo wọlé síṣẹ́ ní [ọjọ́], wọ́n sì fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀ ní [ọjọ́]. Ipò tí mo wà báyìí ni [ipò, ìpele àti àtẹ̀gùn]. Nọ́ńbà fáìlì mi ni [nọ́ńbà], nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì mi sì ni [nọ́ńbà].

Kí ètò owó ìfẹ̀yìntì mi lè bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ìwé wọ̀nyí: lẹ́tà ìfọwọ́sí ìfẹ̀yìntì mi, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ mi tí ẹ ti fọwọ́ sí, ẹ̀dà lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́, ìfìdímúlẹ̀ àti ìgbéga tó gbẹ̀yìn tí ẹ jẹ́rìí sí, ìwé ẹ̀rí owó oṣù tó gbẹ̀yìn, ìwé pé n kò jẹ ìjọba ní gbèsè, àti lẹ́tà tí ẹ ó fi dá mi mọ̀ fún ọ́fíìsì tó ń san owó ìfẹ̀yìntì. Mo fi ẹ̀dà àwọn ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ti èyí lẹ́yìn.”

Ẹ rí i pé mo dárúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé “gbogbo ìwé tó yẹ,” ohun tó bá wà nítòsí ni akọ̀wé máa fún yín, ẹ ó sì padà wá. Ìwé gbèsè yẹn sábà máa ń pẹ́ jù, pàápàá fún ẹni tó yá owó mọ́tò tàbí owó ilé, nítorí ọ̀dọ̀ oníṣirò owó ló ti ń wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lé e kí ti àwọn yòókù tó jáde.

Fún àwa tí a wà nínú ètò owó ìfẹ̀yìntì alájọdá, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀tọ́ ọdún tí èèyàn ti ṣiṣẹ́ kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí ìjọba máa san sínú àkáǹtì yín nígbà tó bá kàn yín. Owó náà kì í jáde lọ́jọ́ kan náà fún gbogbo èèyàn. Ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni wọ́n ń san án. Fáìlì tó bá lábùkù kì í wọ inú ọ̀wọ́ kankan.

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ gbé lọ bí ẹ bá ń fi lẹ́tà sílẹ̀. Kí wọ́n lu ìkejì lóńtẹ̀, kí ọjọ́ àti ìfọwọ́sí ẹni tó gbà á wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì mú un relé. Bí fáìlì bá sọnù lójú ọ̀nà, òǹtẹ̀ yẹn nìkan ló lè jẹ́rìí pé ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀ lásìkò. Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ fún yín lójúlówó, ẹ má fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó, kí wọ́n gba ẹ̀dà, kí ẹ sì gbà á padà lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí lẹ́tà ìfọwọ́sí bá dé, ẹ dúró níbẹ̀ kà á kí ẹ tó kúrò. Ẹ wo orúkọ, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìwọlé síṣẹ́, ọjọ́ ìfẹ̀yìntì àti ìpele. Bí èyíkéyìí bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ kọ, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀, nítorí lẹ́tà yìí ni ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó yín máa tẹ̀ lé, wọn kì í sì gba àlàyé ẹnu.