Eyín tí wọ́n ní kì í pa èèyàn

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi dúpẹ́. Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo padà sílé. Ojú ọgbẹ́ méjì wà lábẹ́ àgbọ̀n mi, ohùn mi ṣì ha, ṣùgbọ́n mo ń mí, mo sì ń gbé itọ́ mì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tójú mi rí lóṣù yìí mọ ìdí tí mo fi ń dúpẹ́ lórí itọ́.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo ti ṣìnà. Eyín tó gbẹ̀yìn lápá òsì nísàlẹ̀, èyí tó ti lu láti ọjọ́ pípẹ́, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń lo oògùn ìrora. Nígbà tó di òru ọjọ́ kan, ìrora náà dáwọ́ dúró lójijì. Mo ní Olúwa ṣeun, mo sùn. Mi ò mọ̀ pé iṣan inú eyín náà ló kú. Bí iṣan bá ti kú, kò ní mọ ìrora mọ́, àmọ́ àwọn kòkòrò tó pa á kò bá a kú. Inú gbòǹgbò eyín ni wọ́n ń gbé, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ṣàn débẹ̀ mọ́, nítorí náà oògùn téèyàn gbé mì kò lè bá wọn nínú ilé wọn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wú, ara mi sì ń jó bí iná.

Ìgbà yẹn làwọn onímọ̀ràn dé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní eyín kì í pa èèyàn, pé àṣejù mi ti pọ̀ jù. (Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ ń ka eléyìí.) Ẹlòmíì kó kápúsù mẹ́rin tó ṣẹ́ kù nínú oògùn tòun fún mi. Mo lò ó, mo sì ń fi parasitámọ́ọ̀ tì í lẹ́yìn. Ara mi tutù díẹ̀, mo bá ní ó ti ń ṣiṣẹ́. Kò ṣiṣẹ́ kankan. Parasitámọ́ọ̀ ló ń rẹ ibà náà sílẹ̀, ohun tó fa ibà sì ń bá tiẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pín àṣẹ́kù oògùn kiri, inú rere yín yé mi, ẹ ṣáà máa dà á nù.

Lọ́jọ́ Sátidé ni Mọ́mì òkè sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ẹ mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n ṣe rí mi báyìí, wọn ò béèrè bóyá ó ń dùn mí. Wọ́n fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n mi, wọ́n sì dákẹ́. Wíwú náà ti kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, ó sì ti ré kọjá sí apá kejì. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, kì í jìn. Ó le bí pákó.

Wọ́n ní kí n lanu. Ẹni tí ara rẹ̀ dá á lè ki ìka mẹ́ta lórí ara wọn sí àárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Tèmi ò gba ìka kan. Wọ́n ní kí n yọ ahọ́n síta. Kò dé ètè. Ó ti ga sókè nínú ẹnu mi bí ẹni pé nǹkan ń tì í láti ìsàlẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé itọ́ mì, mo na ọwọ́ sí aṣọ tí mo ti fi ń nu itọ́ láti òwúrọ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ohùn mi sì ń jáde bíi ti ẹni tó bu omi sẹ́nu.

Wọ́n wá béèrè pé, "Báwo lo ṣe sùn lánàá?"

Mo ní orí àga ni. Torí nígbà tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, èémí mi gé. Mo jí bàbá àwọn ọmọ, mo ń jà fún èémí, mi ò lè pariwo. Nígbà tí mo jókòó tí mo tẹ̀ síwájú, ó tún já gaara. A jọ rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá rántí pé a jọ rò bẹ́ẹ̀, ara mi máa ń gbọ̀n.

Mọ́mì ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá mi dùbúlẹ̀, pé bí mo ṣe jókòó yẹn ni kí a ṣe lọ. Níbi tí a kọ́kọ́ dé, ọmọkùnrin kan lórí tábìlì ní dókítà eyín kì í wá ní òpin ọ̀sẹ̀, ká padà wá ní ọjọ́ Ajé. Mọ́mì wò ó lójú. "Ọmọ mi, kì í ṣe eyín la gbé wá. Ọ̀nà èémí la gbé wá." Wọn ò pariwo rárá. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, dókítà mẹ́ta ti yí mi ká.

Ohun tí wọ́n ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà ni pé iṣan ẹran fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kan ló dá ìsàlẹ̀ ẹnu yà sọ́tọ̀ kúrò lára ọrùn. Gbòǹgbò eyín ẹ̀yìn sábà máa ń gùn kọjá iṣan náà. Bí àìsàn bá lu egungun já láti ìdí wọn, abẹ́ àgbọ̀n ló máa já sí, kò ní já sínú ẹnu. Ibẹ̀ rọ̀, kò sí ohun tó lè dá a dúró, á tàn dé apá méjèèjì. Bí ibẹ̀ bá ti wú, ahọ́n ò ní ibi tó máa lọ ju òkè àti ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ahọ́n sì ni ọ̀nà èémí wà. Dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Lúdíwìgì ṣàpèjúwe àìsàn yìí ní 1836, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pè é. Tí wọn ò bá tètè dá a dúró, ó lè gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀ wọ àyà.

Ojú mi là sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ki rọ́bà gba imú mi wọ ọ̀nà èémí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ kùn mí lóorun. Wọ́n ní rárá: tí oorun bá gbé mi lọ, gbogbo iṣan á dẹ̀, ahọ́n á wó sẹ́yìn, ọ̀nà á sì dí pátápátá. Ìgbà tí rọ́bà wọlé tán ni mo tó sùn. Wọ́n là mí ní ojú méjì lábẹ́ àgbọ̀n, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀ kí ìdọ̀tí lè máa ṣàn jáde, wọ́n yọ eyín náà, wọ́n sì ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ fún mi ní oògùn apakòkòrò. Mo ti rò pé ọyún ló kún ibẹ̀. Wọ́n ní omi rírùn díẹ̀ ni wọ́n bá. Wíwú ẹran fúnra rẹ̀ ló fẹ́ fún mi lọ́rùn. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n yọ rọ́bà imú mi, ọjọ́ kẹsàn-án ni mo délé.

Àwọn tó ní mo ń ṣe àṣejù ti wá kí mi, mo sì ti dá wọn lóhùn dáadáa. Mọ́mì òkè wọlé láàárọ̀ yìí. Kí n tó kúnlẹ̀ kí wọn tán, wọ́n ní, "Yọ ahọ́n síta." Mo yọ ọ́ kọjá ètè, mo tún fi ṣeré sí i. Ẹkún ló gbẹ̀yìn ẹ̀rín náà fún àwa méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí yín lórí àga ilé ìwòsàn yẹn, bẹ́ ẹ ṣe ń fi eyín apá ọ̀tún nìkan jẹun. Mo ti gbàyè sílẹ̀ fún yín lọ́dọ̀ dókítà eyín. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Èmi ni máa wá gbé yín.