Ohun tí ìgúnpá ìyá alámàlà kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe kan tí mo ṣe. Ìyá kan tó ń ta àmàlà wá bá mi. Ìgúnpá ọ̀tún ń dùn wọ́n lápá òde, níbi eegun tó yọ yẹn, débi pé wọn ò lè gbé kẹ́tùlù. Mo ní kí wọ́n sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìrora náà lọ, àmọ́ ọjọ́ kejì tí wọ́n padà sídìí ààrò ló tún dé.

Ni mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Orí àpótí ni wọ́n jókòó sí, ìkòkò jìnnà sí wọn, apá nà tantan, ẹ̀yìn ọwọ́ kọjú sókè, wọ́n sì fún orógùn mọ́wọ́ pinpin. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́ wò, kí ẹ fọwọ́ kejì tẹ apá yẹn lápá òkè, nísàlẹ̀ ìgúnpá díẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé iṣan ibẹ̀ le? Iṣan yẹn ló ń dá ọrùn ọwọ́ dúró kí ìka tó lè fún nǹkan, eegun kékeré tó ń dun ìyá yẹn ló sì so mọ́. Ká má tíì gbé ẹrù rárá, fífún nǹkan mọ́wọ́ lásán ti tó láti fà á.

Bí ẹ ṣe máa mọ ìrora iṣan yìí: ẹ ní kí aláìsàn fi ọwọ́ kan gbé àga, kí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọlẹ̀, kí apá nà. Á dùn ún. Tó bá yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ìrora á dínkù púpọ̀. Àmọ́ bí ìka bá ń kú tipiri, ọrùn tó gbé orí dúró ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

A fa àpótí sún mọ́ ààrò kí ìgúnpá lè ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. A wé aṣọ mọ́ ìdí orógùn kó nípọn. Wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì rò ó, àtàǹpàkò sókè, kí ara fúnra rẹ̀ máa tì í. Ìkòkò ńlá kan di kékeré méjì, ọmọ iṣẹ́ wọn sì ń ro èkejì. Fífún un pinpin ló ṣòro jù láti fi sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n dì í mú bí ẹni di ẹyin mú.

Lẹ́yìn náà la fi omi inú ọ̀rá kan, tó tó ìdajì kílò, kọ́ iṣan náà. Apá ọ̀tún wà lórí tábìlì, ọwọ́ tó di ọ̀rá náà mú yọ síta létí rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sílẹ̀. Wọ́n á fi ọwọ́ òsì bá a gbé e sókè, wọ́n á wá jẹ́ kó máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kíka ení dé ẹẹ́rin, nígbà 15, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Bó bá dùn díẹ̀ nígbà yẹn, kò burú. Bó bá ṣì le ju tàná lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù.

Wọ́n bèèrè abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì. Ó ń yára pa ìrora fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, àmọ́ lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tó gbà á kì í sábà sàn tó àwọn tí kò gbà á. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọ́n ní àwọn á mú sùúrù. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n tún gbé kẹ́tùlù, ó sì tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó ro ìkòkò ńlá láìdùn wọ́n. Aṣọ yẹn ṣì wà nídìí orógùn.