Ṣé ọmọ mi ń kúrú sí i ni?

Láàárọ̀ yìí, ìyá kan gbé káàdì ọmọ rẹ̀ lé orí tábìlì mi, ó fi ìka tọ́ ibì kan níbẹ̀, ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ọmọ mi ń kúrú sí i ni?" Mo gbà á wò. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n kọ sẹ̀ǹtímítà 85.5 síbẹ̀. Èmi fúnra mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn ọmọ náà tán ni, 84.6 ni mo rí. Ọmọ ọdún méjì àti oṣù méjì kì í kúrú. Inú ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Mo bi ìyá náà léèrè irú irun tó wà lórí ọmọ nígbà yẹn. Ó ronú díẹ̀, ó ní irun kíkó ni, ẹ̀gbọ́n òun ló kó o jọ sí àtàrí fún un nítorí ìkómọ kan tí wọ́n ń lọ. Mo tún bi í bóyá ńṣe ni wọ́n tẹ́ ọmọ sórí pákó tàbí ó dúró. Ó ní wọ́n tẹ́ ẹ ni. Ó ti yé mi. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ìdùbúlẹ̀ la fi ń wọ̀n ọ́n. Bó bá ti pé ọdún méjì, a ó ní kó dìde dúró. Ara tó bá dùbúlẹ̀ sì máa ń gùn ju ara tó dúró lọ. Fún ọmọdé, ìlànà tí à ń tẹ̀lé ní ká ka ìyàtọ̀ yẹn sí sẹ̀ǹtímítà 0.7. Ẹ wá fi òkè irun kíkó kún un, tí nọ́ọ̀sì ọjọ́ náà kò tú, tí kò sì tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ náà ń dàgbà dáadáa. Irun ló ga lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ni mo ti máa ń fetí sílẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ga jùlọ láyé tàbí ẹni tó kúrú jùlọ. Àwọn èèyàn máa ń béèrè iye rẹ̀. Èmi máa ń fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n.

Ẹ rántí arákùnrin ará Gánà yẹn, Sulemana Abdul Samed, tí wọ́n ń pè ní Awuche. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni òkìkí rẹ̀ kàn. Ní àríwá Gánà níbẹ̀, ilé ìwòsàn tó ti ń gba ìtọ́jú sọ fún un pé ó ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9 àti íńṣì 6, ìyẹn mítà 2.89. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, kò tíì sí ẹni tí wọ́n wọ̀n rí láyé tó ga tó o. Akọ̀ròyìn BBC kan mú téèpù gígùn lọ bá a nílé, wọ́n wá ògiri tó ga tó, wọ́n ní kó fẹ̀yìn tì í. Ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íńṣì 4 ni wọ́n rí, mítà 2.23.

Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn: sẹ̀ǹtímítà 66. Báwo ni ilé ìwòsàn ṣe lè ṣi nǹkan wọ̀n tó bẹ́ẹ̀? Ó yé mi, mi ò sì lè bú nọ́ọ̀sì náà. Awuche ti ga kọjá ọ̀pá ìwọ̀n tí wọ́n ní, ni wọ́n bá fi igi mìíràn lé e lórí. Bí ọ̀pá bá ti parí, ìṣòro dé nìyẹn. Níbo ni òǹkà igi kejì ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó wọ inú ti àkọ́kọ́ ni, àbí àlàfo wà láàárín? Ta ló dúró lórí àga láti kà á, ṣé ojú rẹ̀ sì bá àmì náà dọ́gba, àbí ìsàlẹ̀ ló ti ń wò ó? Gbogbo ìwọ̀nyí ti ṣẹlẹ̀ lójú mi. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí ìsàlẹ̀ téèpù ara ògiri ti ya, tí a kàn tún un lẹ̀ mọ́ ibi tó bá wá, tí gbogbo ọmọ tó bá sì dé lọ́sẹ̀ yẹn fi ga ju bí wọ́n ṣe ga gan-an lọ.

Awuche kọ́ ló parọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló tún sọ. Ìtọ́jú ló ń wá lọ sílé ìwòsàn, kò wá ìyìn.

Nísinsìnyí, ẹ wá fi Robert Wadlow, ọkùnrin tó ga jùlọ nínú ìtàn, wé e. Ìlú Alton ní ìpínlẹ̀ Illinois, Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 22 oṣù Èrèlé ọdún 1918, kò sì tóbi ju ọmọ tuntun mìíràn lọ. Ẹṣẹ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń tú èròjà ìdàgbàsókè sínú ẹ̀jẹ̀. Tirẹ̀ ń tú u ní àtúpalẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró títí ó fi kú. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13, ó ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íńṣì 4. Ẹ kíyè sí i: gíga Awuche gan-an nìyẹn lára ògiri ilé rẹ̀, ti Wadlow sì jẹ́ ti ọmọdé tó ṣì ń lọ síléèwé.

Ohun tó jẹ́ kí n gba mítà 2.72 tí wọ́n kọ fún un gbọ́ ni pé kì í ṣe ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Láti kékeré ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ọdún dé ọdún, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì ń gun orí èyí tó ṣáájú rẹ̀ láì fò. Bí mo bá to irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sórí káàdì, ìlà rẹ̀ yóò gòkè lọ tààrà. Bí ẹnì kan bá fi irun tàbí bàtà kún ọ̀kan nínú wọn, ìlà yóò yọ gọngọ bíi ti ọmọ tòwúrọ̀ yìí. Èyí tó kẹ́yìn, dókítà C. M. Charles ló wọ̀n ọ́n ní St. Louis lọ́jọ́ 27 oṣù Òkúdù ọdún 1940. Olùkọ́ nípa ẹ̀yà ara èèyàn ni ní yunifásítì Washington tó wà ní ìlú yẹn. Ọjọ́ wà, ibẹ̀ wà, orúkọ ẹni tó di téèpù mú wà.

Ọjọ́ 18 lẹ́yìn náà ni Wadlow kú. Kò lè rìn láìsí irin tí wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ rẹ̀. Irin tuntun kan bó o lọ́rùn ẹsẹ̀, egbò náà sì kẹ̀. Ìmọ̀lára kò fi bẹ́ẹ̀ sí ní ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, nítorí náà kò tètè mọ̀. Ẹni ọdún 22 ni. Mo máa ń rántí egbò yẹn ju gíga rẹ̀ lọ.

Àwọn òmìrán tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́, àwọn tí wọ́n ní wọ́n ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, mẹ́wàá? Ọ̀pọ̀ wọn, àwọn tó ń gbé wọn kiri fún ìran wíwò ló sọ iye wọn. Owó ń wọlé nípa gíga yẹn, wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú téèpù sún mọ́ wọn. Bákan náà ló rí fún àwọn tó kúrú. Pauline Musters, ọmọbìnrin ará Nẹ́dálándì tí wọ́n bí ní 1876, sẹ̀ǹtímítà 48 ni wọ́n ń polówó pé ó ga. Nígbà tó kú ní New York ní 1895, ní ọmọ ọdún 19, àwọn dókítà wọn òkú rẹ̀. 61 ni wọ́n rí, wọ́n sì ṣàlàyé pé ara gùn díẹ̀ lẹ́yìn ikú. Síbẹ̀ òun náà ni wọ́n ṣì kọ sílẹ̀ pé ó jẹ́ obìnrin tó kúrú jùlọ nínú ìtàn. Kò nílò irọ́ yẹn rárá. Ó dùn mí pé òkú rẹ̀ ni wọ́n tó wá fi òdodo bá lò.

Fún ẹni tó kúrú, ìdíwọ̀n nìkan kò tó. Ọjọ́ orí gbọ́dọ̀ dájú. Khagendra Thapa Magar ti Nepal kéré gan-an nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn Guinness tó ń ṣe ìwé àkọsílẹ̀ ẹni àti ohun tó ta yọ jùlọ láyé, àmọ́ ọmọ ọdún 14 ni. Wọ́n ní kò tíì dàgbà, ó ṣì lè ga. Ó dúró títí ó fi pé ọdún 18 ní 2010, wọ́n wá wọ̀n ọ́n: 67.08. Ti Chandra Bahadur Dangi kò ní iyèméjì yẹn. Ọ̀gbẹ́ni ẹni ọdún 72 ni, ní abúlé orí òkè kan ní Nepal kan náà. Oníṣòwò pákó kan ló rí i níbẹ̀ tó tú ìròyìn rẹ̀ síta. Wọ́n gbé e wá sí Kathmandu ní oṣù Èrèlé ọdún 2012, wọ́n sì wọ̀n ọ́n léraléra láàárín wákàtí 24, lójú dókítà àti àwọn Guinness. Sẹ̀ǹtímítà 54.6. Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ Awuche: àṣìṣe ọ̀pá yẹn ga ju gbogbo ara bàbá yìí lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ léraléra? Nítorí pé gíga èèyàn ń yí láàárín ọjọ́ kan. Láàárín egungun ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, nǹkan rọ̀bọ̀tọ̀ kan wà bíi tìmùtìmù tó lómi nínú. Bí a bá sùn, ó máa ń wú. Bí a bá ti dìde, ìwúwo ara á máa fún un. Mo ti ń sọ èyí fáwọn èèyàn látọjọ́ pípẹ́, àmọ́ lónìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dán an wò nílé. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, bí ọmọkùnrin mi ṣe ń ti orí bẹ́ẹ̀dì bọ̀, mo ní kó fẹ̀yìn ti ara ilẹ̀kùn, gìgísẹ̀, ìdí àti èjìká kó kàn án, kó máa wo iwájú gan-an. Mo tẹ pákó kékeré mọ́ ọn lórí, mo fi bírò sàmì sí i. 176.4. Ní alẹ́, lẹ́yìn tó ti gba bọ́ọ̀lù tán, a tún ṣe é: 175.2. Ó wo àmì méjèèjì, ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká kúkú kọ ti àárọ̀ sílẹ̀."

Gbogbo wa la fẹ́ ti àárọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn èèyàn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, tí wọ́n sì ń wá ìpíndọ́gba wọn. Wọ́n tún máa ń tẹ́ ẹni náà sílẹ̀ láti wò ó bóyá ìdúró àti ìdùbúlẹ̀ bára mu, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ga gan-an, ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀. Zeng Jinlian ti Ṣáínà, obìnrin tó ga jùlọ nínú ìtàn, kò lè dúró tààrà rárá. Mítà 2.463 tí wọ́n kọ fún un, ìṣirò ni: bí ì bá ṣe gùn tó ká ní ẹ̀yìn rẹ̀ kò wọ́ ni wọ́n wò. Ẹni ọdún 17 ni nígbà tó kú ní 1982.

Ẹnikẹ́ni sì lè kọ̀. Leonid Stadnyk ti Yukirénì wà nínú ìwé Guinness pẹ̀lú mítà 2.57, nígbà tó yá wọ́n ní kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n lábẹ́ ìlànà tuntun. Ó ní òun kò ṣe. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n dá ipò náà padà fún Bao Xishun ti Ṣáínà tí kò ga tó iye yẹn. Mo fara mọ́ àwọn tó yọ ọ́, mo sì fara mọ́ ọkùnrin tó fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀.

Kí ìyá òwúrọ̀ yẹn tó lọ, mo gba káàdì padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò pa 85.5 rẹ́, nítorí ohun tí wọ́n rí lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "ìdùbúlẹ̀, irun kíkó." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 84.6, mo kọ pé: "ìdúró, irun títú, aago mẹ́sàn-án àárọ̀," mo sì fọwọ́ sí i.