Ẹ Má Tíì Ra Sitátà

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ réwáyà, ọ̀rọ̀ túùbù tó ń ṣẹ́jú ti dójú tì mí rí, ní ṣọ́ọ̀bù ìyá télọ̀ kan ní Ìgbọ̀nà, Òṣogbo níbí. Mo pààrọ̀ sitátà, iná dúró, mo gbowó. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n pè mí padà. Mo tún pààrọ̀ ẹ̀, ó tún dúró. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìyá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé sitátà ni mò ń jẹ ni?"

Ọ̀gá mi tẹ̀ lé mi lọ. Wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan, wọ́n ní kí ìyá máa ránṣọ wọn. Bí ìyá bá ti ń tẹ máṣíìnì, túùbù á máa ṣẹ́jú. Bí wọ́n bá sinmi, á dúró. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ sì ni, kì í lo iná rárá. Ṣùgbọ́n ògiri tó fara tì ni túùbù náà wà.

Ọ̀gá mi wá yọ sitátà nígbà tí túùbù ṣì ń tàn. Kò kú. Iṣẹ́ sitátà ò ju kó mú túùbù gbaná lọ: á so kí ẹnu túùbù lè gbóná, á wá já, bó ṣe ń já yẹn ni ṣóòkù á ta iná tó le sínú túùbù. Tó bá ti tàn, iṣẹ́ sitátà parí. Nítorí náà, bí ẹ bá yọ ọ́ tí túùbù kò ṣẹ́jú mọ́, sitátà ló ń dààmú yín. Bákan náà, bí ẹnu méjèèjì bá kàn ń pọ́n láìtàn, tó wá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ yọ sitátà ló tàn, ó ti lẹ̀ pọ̀ nínú nìyẹn.

Tiwa yàtọ̀. Ọ̀gá mi fi ìdí tẹ́sítà onírọ́bà kan hódà apá òsì pẹ́rẹ́. Iná kú, kò sì tàn mọ́, torí kò sí sitátà tí yóò tún mú un gbaná. Wọ́n pa kátáòtù, wọ́n yọ túùbù: ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti dúdú, idẹ inú hódà ti jó, ó ti là gbàgà. Ìgbàkígbà tí mo bá ń pààrọ̀ sitátà, mo máa ń yọ túùbù pẹ̀lú. Bí mo ṣe ń dá a padà ló ń kan idẹ dáadáa fún ọjọ́ díẹ̀, tí mo fi rò pé sitátà ló ṣiṣẹ́. Hódà la pààrọ̀. Mo dá owó sitátà méjèèjì padà fún ìyá.

Ti ṣóòkù, bí wáyà inú ẹ̀ bá já, túùbù ò ní tàn rárá. Bó bá ti jó pọ̀ nínú, iná tó ń kọjá á pọ̀ jù, ẹnu túùbù tuntun á sì dúdú kíákíá. Ẹ má ṣe fi òmíràn dán an wò. Kó lọ́wọ́ọ́rọ́, kó máa kùn díẹ̀, ìyẹn ò burú. Òórùn ọ̀dà tó ń jó ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Tó bá sì jẹ́ alẹ́ nìkan ló ń ṣẹ́jú, ẹ kọ́kọ́ yọjú wo túùbù aládùúgbò. Bí iná bá ti rọlẹ̀ jù, èyí tí kò ní àrùn kankan náà á máa ṣẹ́jú.