Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó po kíríátìn

Bí ẹ bá ń lo oògùn tí ń múni tọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tí ẹ ń gbé dikilofẹ́nákì tàbí aibúprófẹ́nì mì lemọ́lemọ́ nítorí ara ríro, ẹ rí dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ kíríátìn, ìyẹ̀fun tí àwọn ọmọ jíìmù ń po mu kí iṣan wọn lè lágbára. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló là mí lójú sí ìdí rẹ̀.

Ẹni ọdún 52 ni wọ́n, Gàá-Àkánbí ni wọ́n ń gbé níbí ní Ìlọrin. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń lò pọ̀. Nígbà tí ọmọ wọn ní kí wọ́n máa lo kíríátìn sí eré jíìmù, a kó gbogbo páálí oògùn wọn lọ bá dókítà.

Dikilofẹ́nákì orúnkún ló kọ́kọ́ mú lọ́wọ́. "Sà, oògùn tó ń mú yín tọ̀ ń fa omi kúrò lára, dikilofẹ́nákì yìí ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dé kíndìnrín kù. Bí ẹ bá wá làágùn tí ẹ ò mu omi tó, kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì." (Ẹ wá ro ti ẹni tó ń gbààwẹ̀ Ramadan nínú ooru wa yìí!) Ó fi parasitamọ́ọ̀ rọ́pò rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Kíríátínínì wọn jẹ́ 106 µmol/L, ìyẹn sì fi agbára kíndìnrín wọn, tí láàbù ń pè ní eGFR, sí 73. Kíríátínínì yìí ni ìdọ̀tí tí láàbù fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ inú ara ni kíríátìn ti ń di kíríátínínì, torí náà iye rẹ̀ lè ga láìsí pé nǹkan kan ṣe kíndìnrín. Lára ẹni tó ń lo irú oògùn wọ̀nyí, ó sì lè jẹ́ kíndìnrín gan-an ló ń bàjẹ́.

Gíráàmù 3 lójúmọ́ ni dókítà fọwọ́ sí, kì í ṣe 20 tí àwọn ọmọ jíìmù fi ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kíríátínínì ti di 119, agbára kíndìnrín sì wálẹ̀ sí 63. Dókítà kò fọwọ́ kan mẹtifọ́mìn, oògùn ìtọ̀ ṣúgà wọn. Ó ní kí wọ́n pa kíríátìn tì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n padà wá. Kíríátínínì padà sí 107. Ìyẹ̀fun ló gbé e ga nìyẹn.

Bí kò bá sí 106 àkọ́kọ́ yẹn, kí ni à bá fi ṣèwọ̀n? Mẹtifọ́mìn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣeré: tí agbára kíndìnrín bá wá sísàlẹ̀ 45, dókítà sábà máa ń dín in kù, tó bá wá sísàlẹ̀ 30, wọ́n á dá a dúró. Ìyẹ̀fun lásán lè mú kí wọ́n gba oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ṣì nílò rẹ̀, kí ṣúgà sì gòkè.

Ẹni tí agbára kíndìnrín rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ 60 tẹ́lẹ̀, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí ọṣẹ, kó má fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá. Bí ẹsẹ̀ bá sì ń wú, tí ìtọ̀ dín kù, tàbí tí èébì ò dá, ẹ pa ìyẹ̀fun àti oògùn ara ríro tì, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an.