Góòlù Tí Iná Gbá Wọlé

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2024. Nàìjíríà àti Àìfọ́rì Kóòsì fẹ́ gbá àṣekágbá Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Àbíjàn, agogo mẹ́sàn-án alẹ́ tiwa. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi rọrùn létí: kí n jókòó sí yàrá mi ní Alékúwodò, Òṣogbo, kí n máa kọ ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú fún àwọn tí kò ríbi wo bọ́ọ̀lù. Èmi náà ṣáà ní tẹlifíṣọ̀n. Mo ní àga. Mo ra ẹ̀pà.

Iná lọ ní agogo mẹ́jọ ààbọ̀.

Jẹ́ńẹ̀ mi ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà fóònù ni mo fi wo bọ́ọ̀lù, mo so páwà báǹkì mọ́ ọn lẹ́yìn bí ìyá tó pọnmọ. Fóònù kejì ni mo fi ń kọ̀wé. Ẹni tó bá ti wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù rí mọ wàhálà rẹ̀: àwòrán máa ń pẹ́ kó tó dé. Aládùúgbò mi ní ọ̀ọ́kán ní jẹ́ńẹ̀, ó ní díìṣì lórí òrùlé, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí tèmi. Nígbà tí mo gbọ́ tí rẹfirí fun fèrè ìbẹ̀rẹ̀ nílé rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú-àáyá. Mo ka á dé 35 kí rẹfirí tèmi tó gbé fèrè sẹ́nu. Ìyẹn ni pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀, ó di ẹ̀yìn ìṣẹ́jú-àáyá 35 kí èmi tó rí i.

Àṣé àbùkù yìí tún lè di àǹfààní. Bí àdúgbò bá ti hó yèè, mo mọ̀ pé góòlù ń bọ̀ lọ́nà. Mo lè ti kọ ọ́ tán kí bọ́ọ̀lù tó kan àwọ̀n lójú fóònù mi. Ọgbọ́n burúkú ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ìròyìn orí pápá ń bá àwọn mìíràn sáré ni, ìdajì ìṣẹ́jú kì í sì í ṣe ohun kékeré níbẹ̀.

Ó sì ṣiṣẹ́. Àdúgbò hó, mo gbé ìka sókè, mo dúró kí n rí ẹni tó gbá a, mo rí i: Lookman gbé kọ́nà wá, Troost-Ekong fò, ó fi orí kàn án wọlé. Mo kọ ọ́ báyìí:

37' GÓÒLÙÙÙ! Ẹ gbé ìlù sílẹ̀! Ẹ tún gbé e padà! Nàìjíríà 1, Àìfọ́rì Kóòsì 0. A ti gbà á!

Àṣìṣe méjì ló wà nínú ìlà kan yẹn. Àkọ́kọ́ ni 37. Lójú fóònù, aago eré ṣì ń ka 37 àti ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, mo sì kọ ohun tí mo rí. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀lù, ìṣẹ́jú tó ń lọ lọ́wọ́ là ń kà, kì í ṣe èyí tó ti parí. Bí aago bá ti kọjá 37, a ti wà nínú ìkejìdínlógójì nìyẹn, bí ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́ta ṣe ti wọ ọdún kẹrin. Ìdí nìyí tí gbogbo ìwé fi kọ góòlù yẹn sí 38. Mo fa ilà gba àárín 37, mo kọ 38 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: «ÀTÚNṢE: ìṣẹ́jú 38 ni, mo ṣi aago kà.»

Ìkejì ni «A ti gbà á». Olóòtú mi pè mí nígbà ìsinmi. «Àkànbí, ta ni a? Ṣé ìwọ náà wọ bàtà ni? Ìwọ ń ròyìn, o kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá a.» Mo ní ẹ má bínú, ọ̀gá. Inú mi ń dùn jù ni. Ó ní kí n jẹ́ kí inú mi máa dùn ní ìdákẹ́jẹ́.

Nígbà ìsinmi yẹn gan-an ni mo ṣe ohun tí a máa ń ṣe: mo kọ àwọn ìlà kan sílẹ̀ de ọ̀la, kí ọwọ́ mi lè yá. Ọ̀kan fún káàdì pupa, ọ̀kan fún pẹ̀nárítì, ọ̀kan fún góòlù kejì. Èyí tó jẹ́ ti góòlù kejì nìyí: «GÓÒLÙ! Nàìjíríà 2, Àìfọ́rì Kóòsì 0! (ORÚKỌ) ti yanjú ọ̀rọ̀ náà!» Ibi tí mo kọ ORÚKỌ sí, orúkọ ẹni tó bá gbá a ni mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀.

A dé ìṣẹ́jú 57. Fóònù mi ń fi hàn pé bọ́ọ̀lù wà ní àárín pápá, kò sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan kan. Lójijì, àdúgbò hó. Kì í ṣe ariwo kékeré. Èyí ju ti Ekong lọ. Ọmọdé ń pariwo, ìyá àgbà ilé kejì ń pariwo, ajá ń gbó. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀, nítorí ìyá àgbà yẹn kò mọ bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí àgbọn. Ọwọ́ mi ti yára ju orí mi lọ. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti ń dúró kí fóònù fi góòlù náà hàn mí. Ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ìṣẹ́jú-àáyá 20. Mo wá gbọ́ ohùn kan lókè orí mi, kíì, kíì, kíì. Atẹ́gùn tútù fẹ́ mi lọ́rùn. Mo gbé ojú sókè: fáànù ń yí. Gílóòbù yàrá mi ti jó láti ọjọ́ Ẹtì, ìdí nìyẹn tí n kò fi rí ìmọ́lẹ̀. Níta, àwọn ọmọdé wá sọ ọ́ ketekete fún mi: «Ọ́ọ̀ọ̀pù Nẹ́pà!»

Iná ló gbá góòlù náà wọlé.

Kí n tó tún mí, àwọn òǹkàwé ti dé. Ọ̀kan ní, «Ta ni Orúkọ? Ìgbà wo ni wọ́n mú un wọlé?» Ẹlòmíràn ní òun mọ bàbá Orúkọ, ará Ìkìrun ni.

Ohun tó dùn mọ́ni ní irú àkókò yẹn ni pé kí o pa á rẹ́ kíá, kí o máa fọn fèrè lọ. Ṣùgbọ́n a kì í pa á rẹ́. Ẹni tó ti kà á ti gbà á gbọ́, bó bá sì padà wá tí kò rí i mọ́, kò ní mọ̀ bóyá ojú òun ló ṣì í ríran tàbí wọ́n fagi lé góòlù náà ní pápá. Mo fa ilà gbà á:

57' ~~GÓÒLÙ! Nàìjíríà 2, Àìfọ́rì Kóòsì 0! (ORÚKỌ) ti yanjú ọ̀rọ̀ náà!~~
ÀTÚNṢE, ìṣẹ́jú 58: Kò sí góòlù. 1-0 la ṣì wà. Iná ló dé ní Alékúwodò. Ẹ má bínú.

Mo gun òkè ojú ìwé lọ, mo tún iye góòlù ibẹ̀ ṣe, nítorí ibẹ̀ lẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń wò kó tó ka ohunkóhun. Ó ku ibi kẹta. Bí mo bá ti kọ góòlù, àlẹ́ẹ̀tì máa ń lọ fúnra rẹ̀ sórí fóònù gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀. Àlẹ́ẹ̀tì dà bí omi tó dànù, kò ṣe é kó. Ohun kan ṣoṣo tí a lè ṣe ni pé kí a fi òmíràn ránṣẹ́ gba ojú ọ̀nà kan náà. Ká sòótọ́, ojú tì mí. Mo ní, ta ló ń ka àlẹ́ẹ̀tì? Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà yẹn lọ, n kò gba ariwo gbọ́ mọ́. Ìyẹn ló fà á tí mo fi ṣe àṣìṣe kejì ní òdìkejì. Ní ìṣẹ́jú 62, àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́, bíi pé gbogbo wọn gbé omi sẹ́nu. Ohùn kan ṣoṣo ló ń ké láti ẹ̀yìn ilé wa. Ọmọ Èjìgbò kan ló háyà yàrá níbẹ̀. Ẹ sì mọ àwọn ará Èjìgbò pẹ̀lú Àbíjàn: ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Faransé ló fi ń bú ewúrẹ́. Ó ń fò, ó ń kọrin. Mo ní bóyá wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí i ni. Ìgbà tí fóònù mi dé ibẹ̀ ni mo tó rí i tí Kessié fi orí kan bọ́ọ̀lù kọ́nà wọlé. Mo kẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́jọ́ náà: góòlù tí wọ́n bá gbá sí wa kì í pariwo.

Ìwé mi náà yí ohùn padà. Ẹ wò ó fúnra yín. Ní ìṣẹ́jú 38, «GÓÒLÙÙÙ», ìlù, gbogbo rẹ̀. Ní 62: «Kessié. 1-1.» Ní 81, nígbà tí Haller na ẹsẹ̀ síwájú Ekong tó sì tì í wọlé: «Haller. 2-1 fún wọn.» Nígbà tó parí: «Ó parí.» Olóòtú fi ìwé ránṣẹ́ sí mi pé òun kò ní kí n kú, ìdákẹ́jẹ́ lòun ní.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, bàbá mi kékeré pè mí láti Ìrágbìjí.

«Àkànbí.»

«Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Ṣé dáadáa lẹ jí?»

«Dáadáa kọ́. Èló ni wọ́n gbá lánàá?»

Ẹ̀jẹ̀ mi dì. Kò sí iná lọ́dọ̀ wọn. Bàbá máa ń ṣí dátà, wọ́n á gba àlẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tún pa dátà kó má báa tán. Àlẹ́ẹ̀tì 2-0 ni wọ́n gbà kẹ́yìn. Wọ́n ti jáde síta, wọ́n ti sọ fún gbogbo agbo ilé pé ọmọ àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà gan-an ló sọ ọ́, wọ́n sì ti ní kí obìnrin tó ń ta mínírà gbé kéréètì méjì sílẹ̀, àwọn máa san owó rẹ̀ láàárọ̀.

«Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan.»

«Níbo lo ti tún un ṣe? Inú ìgò ni?»

N kò rí èsì fọ̀. Mo ní kí wọ́n fi iye owó náà ránṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n fi í sí Wásáàpù. Wọ́n ti fara balẹ̀ ka ojú ìwé mi láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́, nítorí báyìí ló ṣe rí:

~~Mínírà kéréètì méjì.~~
ÀTÚNṢE, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀: kéréètì méjì àti àkàrà. Mo gbàgbé àkàrà. Má bínú.