Ata ilẹ̀ pupa, ata dúdú àti ẹ̀jẹ̀ ẹnu Màámi

Orúnkún ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Láàárọ̀, Màámi ò lè dìde láìdi ògiri mú, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn sì ti sọ fún wọn pé ata ilẹ̀ pupa ló máa bá wọn ṣe é. Mo lọ sí ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, mo rà á ní tútù, mo bó o, mo gún un, mo sè é nínú omi. Mo fi asẹ́ sẹ́ ẹ, mo sì da gèdègédé rẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi mu ún, orúnkún ò gbọ́.

Asẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ là mí lójú. Àwọ̀ rẹ̀ ti dà bí ìyeyè tó pọ́n, omi lásán ò sì mú un kúrò. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, àwọ̀ náà bá ṣàdédé pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, àṣé eérú inú ọṣẹ ló fà á. Bí ẹ bá da kàún sí i, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí. Ìgbà tí mo fi òróró nù ún ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Kọ́kúmìnì, èròjà tó fún ata ilẹ̀ pupa ní àwọ̀ àti òkìkí, kì í fẹ́ yọ́ nínú omi, òróró ló mọ̀. Ìyẹn ni pé púpọ̀ nínú ohun tí mò ń wá, adìẹ ló ń ṣà á jẹ lẹ́yìnkùlé wa.

Mo padà lọ bá ìyá tó tà á fún mi. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, o ò fi ata dúdú sí i, báwo ló ṣe fẹ́ ṣiṣẹ́?” Ìyèré ni wọ́n kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ìbátan ata dúdú ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n pípérìnì, èròjà tó ń ta lẹ́nu nínú ata dúdú, kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìyèré. Ata dúdú gan-an ni mo rà.

Ohun tí pípérìnì ń ṣe rèé. Bí kọ́kúmìnì díẹ̀ bá tiẹ̀ gba ara ìfun wọlé, ìfun àti ẹ̀dọ̀ á so ohun kan tó jẹ mọ́ ṣúgà mọ́ ọn, kó lè bá omi ara jáde kíákíá. Pípérìnì a máa dí wọn lọ́wọ́, kọ́kúmìnì á sì pẹ́ díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1998, àwọn onímọ̀ kan ní Íńdíà fún àwọn èèyàn tí ara wọn le ní 2 gíráàmù kọ́kúmìnì, agbára káká ni wọ́n fi rí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n fi 20 mílígíráàmù pípérìnì kún un, ó di nǹkan bí ìlọ́po 20. Ibẹ̀ ni gbogbo ariwo yìí ti wá.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Ṣíbí tíì kan ìyẹ̀fun ata ilẹ̀ pupa tó nǹkan bí 3 gíráàmù, kọ́kúmìnì inú rẹ̀ kò sì ju 90 mílígíráàmù lọ dáadáa. Kéèyàn tó rí 2 gíráàmù, ó máa tó ṣíbí 22. Ta ló fẹ́ jẹ ìyẹn? Ìlọ́po 20 ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, kékeré náà ṣì ni, láàárín wákàtí mẹ́ta ló sì ti pòórá nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn yẹn.

Ibi tí mo ti kọsẹ̀ gan-an nìyí: ẹ̀dọ̀ tí ata dúdú ń dí lọ́wọ́ yẹn, òun náà ló ń palẹ̀ oògùn òyìnbó mọ́ lára. Màámi ń lo wáfárìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sí wọn lẹ́sẹ̀ rí. Mi ò rò ó mọ́ ọn rárá. Lọ́jà kan náà, mo ti ra oògùn oníhóró fún wọn, èyí tí wọ́n ti fún kọ́kúmìnì àti pípérìnì pọ̀ sínú rẹ̀, tó lágbára ju ti ìkòkò lọ fíìfíì. Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n ti ń lò ó, wọ́n ń run orín láàárọ̀, ni wọ́n pè mí pé kí n wá wo itọ́ àwọn. Ó pupa, ọgbẹ́ kankan ò sì sí lẹ́nu wọn.

Ọjọ́ yẹn náà la dé ilé ìwòsàn. Àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì, tó yẹ kó wà láàárín 2 sí 3 fún wọn, ti di 4.6. Dókítà béèrè ohun tuntun tí wọ́n ń lò, Màámi ní kò sí. Wọn ò purọ́ o, lójú tiwọn ata kì í ṣe oògùn. Èmi ni mo yọ ike náà látinú báàgì. Dókítà ní ata ilẹ̀ pupa fúnra rẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì, ká má tíì sọ ti pípérìnì. Wọ́n ní kí wọ́n dá oníhóró náà dúró pátápátá, kí wọ́n má sì lo wáfárìn lọ́jọ́ méjì, kí wọ́n padà wá ṣàyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti wálẹ̀ sí 2.7.

Ẹni tó bá ń lo irú oògùn bíi wáfárìn, tàbí oògùn wárápá, kó fi ike han apoògùn kó tó gbé hóró kan mì. Bí funfun ojú bá ń di àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n, tí ìtọ̀ sì ṣú bí tíì, kó dá a dúró, kó lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀dọ̀. Oníhóró alápapọ̀ yẹn ti pa ẹ̀dọ̀ àwọn kan lára.

Róòbù la fi ń pa orúnkún Màámi báyìí. Ata ilẹ̀ pupa tó kù, èmi ni mò ń fi díẹ̀díẹ̀ sínú epo ìkọ́kọrẹ́ tèmi.